Orí Kejì kì í ṣe àtòjọ orúkọ: bí a ṣe ń to àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ lórí ìwà ipá ìdìbò

Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ àpilẹ̀kọ oyè gbà gbọ́ ni pé Orí Kejì, níbi tí a ti ń yẹ iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú wò, ni wọ́n fi ń han àwọn olùkọ́ pé àwọn kàwé. Wọ́n á wá to àwọn onímọ̀ tẹ̀lé ara wọn: lágbájá sọ báyìí ní 2009, tàmẹ̀dù sọ báyìí ní 2012, ẹlòmíràn náà tún gbà bẹ́ẹ̀ ní 2014. Bí orúkọ bá ṣe pọ̀ tó, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni orí náà ṣe dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ogójì orúkọ lè wà níbẹ̀ kí àgbéyẹ̀wò má sí níbẹ̀. Iṣẹ́ orí náà ni láti fi han òǹkàwé ibi tí àríyànjiyàn dé, ìdí tí ẹnu àwọn tó ti ṣèwádìí kò fi kò, àti ibi pàtó tí ìbéèrè tiyín ti wọlé.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi yẹ tiyín wò. Ẹ mú ìpínrọ̀ mẹ́ta tó tẹ̀léra, kí ẹ pààrọ̀ ipò wọn. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣì ń lọ geere bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, àtòjọ lẹ kọ.

Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kankan, ẹ ya àtẹ kan. Iṣẹ́ méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó tẹ̀wọ̀n jù lọ tó láti bẹ̀rẹ̀. Fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun márùn-ún sílẹ̀: ohun tí òǹkọ̀wé kà sí ìwà ipá, àsìkò tó wò (ṣáájú ìbò, ọjọ́ ìbò, tàbí lẹ́yìn èsì), ẹni tó ní ó dá a sílẹ̀, ibi tó ti rí dátà rẹ̀, àti àbájáde. Púpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ àbájáde nìkan. Bẹ́ẹ̀, ohun mẹ́rin tó ṣáájú ló ń sọ ìdí tí àbájáde fi yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ìbéèrè kan tó wọ́pọ̀: ta ló ń dá ìwà ipá ìdìbò sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó wà lórí àléfà ni àbí àwọn alátakò? Scott Straus àti Charlie Taylor wo ìdìbò ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà ní gúúsù Sàhárà láti 1990 sí 2008. Wọ́n rí i pé àwọn tó wà lórí àléfà ló ń dá púpọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀, àti pé ṣáájú ọjọ́ ìbò ló máa ń pọ̀ jù. Paul Collier àti Pedro Vicente ṣe ìwádìí tiwọn ní Nàìjíríà nígbà ìdìbò 2007, ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí Èkó àti Ọ̀yọ́ wà lára wọn. Wọ́n ṣe ìpolongo lòdì sí ìwà ipá ní àwọn àdúgbò kan, wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀ láìṣe é, wọ́n sì fi méjèèjì wéra. Ìbẹ̀rù dínkù níbi tí ìpolongo dé, àwọn tó jáde dìbò pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n èsì ìbò tọ́ka sí i pé àwọn ẹgbẹ́ tí kò sí lórí àléfà ni ìwà ipá so mọ́.

Ẹni tó ń kọ àtòjọ á fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìpínrọ̀ kan, á sì kọjá lọ bíi pé wọn kò tako ara wọn. Tàbí kó kọ ọ́ pé “àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò”, kó dúró síbẹ̀. Ẹ padà sí àtẹ yín. Àkọsílẹ̀ ọdọọdún tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni Straus àti Taylor lò, ìdìbò kan lódindi ni wọ́n sì ń kà gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Ohun tí ó bá hàn dé olú ìlú ló máa ń wọnú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀: ọlọ́pàá tú ìpàdé alátakò ká, wọ́n ti olùdíje mọ́lé. Collier àti Vicente ní tiwọn bá àwọn olùdìbò sọ̀rọ̀ ní àdúgbò, àwọn oníròyìn sì ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ sílẹ̀. Ìhàlẹ̀ jàǹdùkú tí kò dé etí ẹnikẹ́ni ní Àbújá wọ dátà tiwọn. Nígbà náà ni ẹ lè kọ irú gbólóhùn yìí:

“Ìyàtọ̀ àárín àbájáde méjèèjì lè má jẹ́ ìtakora. Àkọsílẹ̀ tí a ṣe láti ìpele orílẹ̀-èdè máa ń gbé ipá tí ìjọba ń lò hàn, nígbà tí ìwádìí ní ìpele àdúgbò ń gbé ìhàlẹ̀ tí àwọn tí kò ní ọlọ́pàá lọ́wọ́ ń lò hàn. Ohun tí a kò tíì mọ̀ ni bí méjèèjì ṣe ń bá ara wọn rìn nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà.”

Ìpínrọ̀ yẹn kò ṣeé pààrọ̀ ipò rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wá lẹ́yìn iṣẹ́ méjèèjì, òun náà ló sì bí ìbéèrè ìwádìí.

Àsìkò ni àṣìṣe ńlá kejì ti ń wọlé. Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ka ó kéré tán 300 ènìyàn tó kú nínú ìwà ipá tó jẹ mọ́ ìdìbò Nàìjíríà ti 2007. Fún 2011, wọ́n ní ó lé ní 800 tó kú láàárín ọjọ́ mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ 12 ní àríwá, lẹ́yìn ìbò ààrẹ ti ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa gbé nọ́ńbà méjèèjì kalẹ̀ láti sọ pé ìwà ipá ń pọ̀ sí i. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn o. Ti 2007 ní ìjà àwọn jàǹdùkú olóṣèlú nínú, kí ìbò tó wáyé. Ti 2011 jẹ́ ìrúkèrúdò èrò lẹ́yìn èsì, nínú ìdìbò tí àwọn alákíyèsí yìn ju ti 2007 lọ. Ẹni tó bá da wọ́n pọ̀ kò lè ṣàlàyé ìkankan nínú wọn.

Ibẹ̀ náà ni tíọ́rì ti ń kọsẹ̀. Tíọ́rì ìjákulẹ̀ àti ìbínú, èyí tí Dollard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1939 pé ìjákulẹ̀ ló ń sún èèyàn dé ìdí ìjà, ni ọ̀pọ̀ ń lẹ̀ mọ́ Orí Kejì nítorí pé àwọn tó ṣáájú lò ó. Ó lè ran èèyàn lọ́wọ́ láti ṣàlàyé èrò tó bínú ní 2011. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n sanwó fún kó lọ já àpótí ìbò gbà, ìjákulẹ̀ wo ló ń jà fún? Òun ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ní. Tíọ́rì tó bá a mu ni èyí tó wo ìwà ipá bí ọgbọ́n tí olóṣèlú ń dá lẹ́yìn tó ti ṣírò èrè àti ewu rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má yan tíọ́rì kí ẹ tó mọ irú ìwà ipá tí ẹ ń wò, ẹ sì sọ ohun tí tíọ́rì yín kò lè ṣàlàyé.

Ìtàn Wẹ́tìẹ̀ àti ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn ti oṣù Kẹwàá 1965 kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú ìwé mẹ́wàá rò ní Orí Kejì. Ìpìlẹ̀ ìtàn ni, Orí Kìíní ló yẹ ẹ́. Ẹ mẹ́nu bà á níbí kìkì bí ó bá tako ohun tí ẹnìkan sọ tàbí tó gbè é lẹ́yìn.

Bí orí náà bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọ̀rọ̀, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ tó fún ìtumọ̀ àti àsìkò. Ẹ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀ sórí àríyànjiyàn méjì tàbí mẹ́ta, kó má jùyẹn lọ. Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ fún tíọ́rì, ìyókù fún àlàfo tí ẹ fẹ́ dí. Kí àlàfo náà má jẹ́ “ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe irú rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ wa”, nítorí alámòójútó á béèrè pé kí ni ìjọba ìbílẹ̀ yẹn máa sọ fún wa tí èyí tó kù kò sọ. Èyí tó dúró ni irú èyí: “Àwọn tó ṣèwádìí ní ìpele orílẹ̀-èdè kò rí ìhàlẹ̀ àdúgbò, àwọn tó rí i kò sì wo ohun tí ọlọ́pàá ṣe ní ibùdó ìdìbò kan náà, iṣẹ́ yìí wo méjèèjì papọ̀ ní wọ́ọ̀dù mẹ́fà.”