Àtúnṣe: Ìdí tí orin tí a gbà sórí fóònù nínú áàpù orin Spotify fi ń pòórá bí a kò bá lo íńtánẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ 30

“Spotify ń mọ̀ọ́mọ̀ pa orin tí a ti rà rẹ́, kí dátà wa lè tán.”

Irọ́ ni. Ẹni tí ó ń san owó oṣooṣù Premium kò ra orin, ó yá a lò ni; áàpù náà nìkan ni ó sì lè ṣí fáìlì tí ó wà lórí fóònù rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ṣí áàpù náà pẹ̀lú íńtánẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 30, kí Spotify lè mọ̀ pé ó ṣì ń sanwó, kí ó sì ka iye ìgbà tí ó gbọ́ orin kọ̀ọ̀kan, nítorí owó olórin wà nínú ìṣirò yẹn. Bí orúkọ orin kan ṣoṣo bá ṣú, tí kò sì ṣeé gbọ́ mọ́, nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì wà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn: ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó ni orin náà ti gba àṣẹ rẹ̀ padà.