Ojú nìkan ò lè yẹ bàíò wò

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ yìí, níbi tí wọ́n ti ń to ìwé ètò ayẹyẹ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá kan ní Gwarinpa: "Ọmọ aláakọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń ka ìwé sókè. Ẹni tó bá kàwé, ojú ló fi ń yẹ bàíò rẹ̀ wò." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Àwọn tó ń sọ ọ́ á ní àwọn ti ka bàíò tàwọn kọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ ṣókí nípa ẹnì kan, lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn ò rí àṣìṣe kankan. Ẹ ò lè rí i, torí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ojú ẹni tó ti mọ ohun tó fẹ́ sọ máa ń fo àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ bíi "tó", "sì" àti "ní", ọpọlọ á sì fi ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ dí àlàfo náà. Ẹnu ò lè fò bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ gba orí ahọ́n kọjá, èémí sì níbi tó ń mọ.

Ẹ wo gbólóhùn yìí, irú èyí tí wọ́n máa ń kọ nípa àlejò pàtàkì:

"Ó jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 14 nínú iṣẹ́ ìlera aláboyún ní Kánò, Kàdúná àti Àbújá, níbi tó ti ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ṣiṣẹ́ láti mú kí iṣẹ́ wọn sunwọ̀n sí i, tó sì tún jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ àánú."

Tẹ́ ẹ bá fi ojú kà á, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ wá dìde dúró, kí ẹ kà á bí olùdarí ètò tó di gbohùngbohùn mú nínú gbọ̀ngàn. Kẹ́ ẹ tó dé "láti mú kí", ẹ ó ti mí níbi tí kò sí kọ́mà. Ọ̀rọ̀ 44 ló wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Etí á tún gbọ́ "iṣẹ́" lẹ́ẹ̀mẹfà, torí etí kì í ya "ṣiṣẹ́" àti "òṣìṣẹ́" sọ́tọ̀ bí ojú ṣe ń yà wọ́n. Àwọn kan á ní Yorùbá fẹ́ràn àtúnwí, ẹ wo oríkì. Nínú oríkì, akéwì mọ̀ọ́mọ̀ tún un wí ni. Ta ló mọ̀ọ́mọ̀ tún "iṣẹ́" wí níbí?

Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ àwọn "iṣẹ́" náà kúrò ni àṣírí tó tóbi jù á tú: òfo ni wọ́n fi bò mọ́lẹ̀. "Mú kí iṣẹ́ wọn sunwọ̀n" báwo? "Iṣẹ́ àánú" wo? Ẹ ní láti bi nọ́ọ̀sì náà léèrè. Ká ní ohun tó dá yín lóhùn nìyí, ẹ lè wá kọ ọ́ báyìí:

"Nọ́ọ̀sì ni. Ó ti fi ọdún 14 tọ́jú aláboyún ní Kánò, Kàdúná àti Àbújá. Ó ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí bí wọ́n ṣe ń tètè dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Lóṣooṣù, ní Sátidé kejì, ó máa ń yẹ ìfúnpá àwọn ìyálọ́jà wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní Kubwa."

Ọ̀rọ̀ 47 nìyẹn, ó tiẹ̀ fi mẹ́ta ju ti àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ ó rọ ẹnu lọ́rùn. Gbólóhùn tó gùn jù níbẹ̀ ò ju ọ̀rọ̀ 18 lọ. "Iṣẹ́" ò sí níbẹ̀ rárá.

Kíkà sókè yàtọ̀ sí kíkùn sínú. Ẹ tẹ bàíò náà sórí ìwé, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú, kẹ́ ẹ wá kà á pẹ̀lú ohùn tí ẹni tó wà lódìkejì yàrá á gbọ́. Ẹ fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnu má baà ka ohun tó wà lọ́kàn dípò ohun tó wà nínú ìwé. Ẹ má dúró tún nǹkan kan ṣe lórí ìrìn, torí ibẹ̀ ni bí gbólóhùn ṣe ń lọ ti máa ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ mú dání: ẹ fa ìlà síbi tẹ́ ẹ ti mí láìsí kọ́mà, ẹ yí òbírípo ká ibi tí ahọ́n ti kọsẹ̀, ẹ fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Bí ẹnu bá fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí kò sí nínú ìwé, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, torí ẹnu ló máa ń tọ̀nà níbẹ̀.

Mo gbà pé ẹnu ò lè mú ọdún tí wọ́n kọ lódì, kò sì lè mú àmì ohùn tó sọnù. Bí wọ́n bá kọ "igba alaboyun" sílẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ á kà á dáadáa, torí ó mọ̀ pé aláboyún 200 lòun ní lọ́kàn. Nítorí náà, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tún un ṣe, ẹ gbé e fún ẹlòmíì tí kò rí i rí, kó kà á sókè sí yín létí. Ẹ má ràn án lọ́wọ́. Ibi tó bá ti padà sẹ́yìn láti tún kà ni kẹ́ ẹ lọ tún kọ.