Àtúnṣe: INR ọjọ́ kejì kò tó láti dá hẹ́párínì dúró

“Ọ̀nà kan náà ni wáfárínì, hẹ́párínì àti àpísábánì ń gbà ṣiṣẹ́. Bí INR bá ti pé 2, kódà ní ọjọ́ kejì tí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ wáfárínì, ẹ dá abẹ́rẹ́ hẹ́párínì dúró.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀, ewu sì wà nínú títẹ̀lé e. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, INR sì ni nọ́ńbà àyẹ̀wò tó ń fi hàn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó dì. Hẹ́párínì ń ti áńtítírọ́mbìn inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn kí ó lè tètè dá èròjà kẹwàá àti tírọ́mbìn, tí wọ́n wà lára àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, dúró. Àpísábánì ń dí èròjà kẹwàá fúnra rẹ̀, láìsí alágbàṣe láàárín.

Wáfárínì kì í fọwọ́ kan èròjà tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ rárá. Kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ rí fítámìn K tún lò láti parí èròjà kejì, keje, kẹsàn-án àti kẹwàá, nítorí náà àwọn ti tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ tán kí agbára rẹ̀ tó hàn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Èròjà keje a máa dín sí ìdajì láàárín nǹkan bíi wákàtí 6, òun ló sì ń tètè gbé INR sókè. Èròjà kejì, tí tírọ́mbìn ti ń jáde, lè lo wákàtí 60 sí 72. Aláìsàn tí INR rẹ̀ jẹ́ 2.3 ní ọjọ́ kejì kò tíì ní ààbò tí nọ́ńbà yẹn dà bí ẹni pé ó ń sọ.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo hẹ́párínì àti wáfárínì pọ̀ fún ọjọ́ 5 ó kéré tán, tí INR yóò sì ti wà ní 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé àlàyé tó bá wáfárínì wá, tàbí kí ẹ bi apòògùn.