Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ìdí Tí Mo Fi Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Ọṣẹ

Ẹ má bínú sí mi lónìí o, ọ̀rọ̀ yìí ti kún mi dé ọrùn. Àbúrò kan fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí mi lórí Wáásáàpù láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó ní òun fẹ́ ọgọ́rùn-ún ọṣẹ tí wọ́n máa pín níbi màrìyájì ẹ̀gbọ́n òun ní Sátidé, mo ní kò lè ṣeé ṣe, ó ní kí ló dé, ṣebí obìnrin kan wà l'ọ́jà Wàndó tó ń ṣe tiẹ̀ lánàá tó ń tà á lónìí. Ó tún wá ní kí ni mo ń fi bàláǹsì wọn ọṣẹ fún, àbí góòlù ni mò ń tà.

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Èlírí ò ní gbẹ́ ihò òkété, gbogbo wa la mọ̀. Bàláǹsì tó fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ yẹn gan-an ló sọ mí di ọlọ́ṣẹ.

Mo ti kọ́ iṣẹ́ ọṣẹ díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá kan n'Àjàṣẹ́ níbí kí n tó lọ́kọ, ṣùgbọ́n mi ò fi ṣe nǹkan kan. Àǹtí mi tó wà ní Kétu ló ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ ìyá kan ládùúgbò wọn, ó ti pẹ́, ọṣẹ náà dáa, ó ń hó. Nígbà tó yá ni ọwọ́ Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í bó, àárín ìka ń là, kò lè fọwọ́ kan ata mọ́. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é (ẹ mọ àwọn èèyàn wa). Mo ní kí wọ́n gbé ọṣẹ yẹn wá, mo fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Inú ẹ̀ ń rún bí ẹfun, ihò wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀ tí omi tó ń yọ̀ ń ti inú ẹ̀ jáde. Mo fi ìka tútù rá a, mo fi kan ahọ́n díẹ̀, ó ta mí bí ẹni fi ahọ́n kan bátìrì. Sódà tí kò rí epo jẹ ni.

Mo lọ bá ìyá yẹn. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ó ní àdín ló wọ́n, lòun bá fi epo pupa rọ́pò ẹ̀, pé kò sí nǹkan míì tóun yí padà, bí epo ṣe pọ̀ tó náà nìyẹn, kọ́ọ̀pù sódà náà nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà! Kílò àdín kan máa ń jẹ tó 176 gíráàmù sódà kó tó di ọṣẹ tán, ṣùgbọ́n kílò epo pupa kan ò jẹ ju bíi 141 lọ. Torí náà, nínú kílò kọ̀ọ̀kan, bíi 35 gíráàmù sódà ló ṣẹ́kù tí kò ríṣẹ́ ṣe, ọwọ́ Àǹtí mi ló wá ń jẹ. Mo ṣàlàyé fún un, ó ní kò burú, òun á gbé e síbi atẹ́gùn kó pẹ́ níbẹ̀, oró ẹ̀ á lọ. Irọ́ ni. Omi ló ń lọ, sódà tó bá ti pọ̀ jù nínú ọṣẹ, inú ẹ̀ ló máa wà.

Kí n tó kúrò ní Kétu ni mo ti pinnu pé màá ṣe ọṣẹ tèmi, bàláǹsì ni màá sì máa fi wọn epo àti sódà ẹ̀. Èyí tí mò ń ṣe báyìí, 700 gíráàmù epo pupa ni, pẹ̀lú 300 gíráàmù àdín kó lè hó dáadáa. Epo pupa máa jẹ bíi 99, àdín á jẹ bíi 53, àpapọ̀ ẹ̀ 152, mo wá yọ díẹ̀ kúrò, mo fi sí 144, kí epo díẹ̀ lè ṣẹ́kù fún ara. Sódà yẹn, inú omi ni mo máa ń dà á sí, mi ò jẹ́ da omi lé e lórí, torí á hó tagbáratagbára, á ta síni lójú. Mi ò sì jẹ́ fi ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù ṣe é, sódà á jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kánjú wá ńkọ́? Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, sódà àtepo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ọ̀rọ̀ wọn, àmọ́ omi ṣì kún inú ọṣẹ, ó gbọ́dọ̀ wà lórí pẹpẹ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó le. Ẹ gbà á lọ ní tútù, á yọ́ dànù nínú abọ́ ọṣẹ yín kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ̀yin náà lẹ máa padà wá pariwo pé mo fi yín lówó jẹ.

Ẹ ti mọ ọjọ́ màrìyájì láti oṣù mélòó, ẹ ti ránṣọ, ẹ ti sanwó onílù, ọṣẹ tó máa kan ara àlejò lẹ wá ń rántí ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ ìnáwó! Ẹ tún ní kí n má wọ̀n ọ́n. Ẹni tí tiẹ̀ bá jẹ́ oṣù Dìsẹ́ńbà, kó bá mi sọ̀rọ̀ ní Ọkùtóbà. Ẹni tí tiẹ̀ bá jẹ́ Sátidé tó ń bọ̀, kó lọ pín ike ìbomi.