Ẹni Tó Lé Eku Méjì: Pípín Ọ̀sẹ̀ Kan fún Ẹ̀kọ́ Mẹ́sàn-án

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Ọmọ tó fẹ́ ṣe Wáẹ̀kì, eku mẹ́sàn-án ló wà níwájú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kankan sílẹ̀. Mo ti ro òwe yìí títí, mi ò sì rò pé ó ní kí ọdẹ má pa ju eku kan lọ láyé rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà lórí eré, eku kan ni kí ojú máa wò. Ibẹ̀ ni táìmùtébù ti wúlò: òun ló ń sọ fún ọmọ eku tí yóò lé ní wákàtí yìí, àti àwọn tí yóò fojú fò dá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan mú táìmùtébù tirẹ̀ wá bá mi nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi yà á. Ó fi bíírò pupa àti aláwọ̀ ewé fa ìlà rẹ̀, ó sì to ẹ̀kọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sí ojoojúmọ́, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di mọ́kànlá alẹ́. Bí a bá fi ọdún mẹ́ta pilẹ̀ wèrè, ọjọ́ wo la ó bunijẹ? Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, ìwé náà ti kú. Mo bi í pé níbo ló máa ń wà láago mẹ́rin. Ó ní, “Àǹtí, ìsọ̀ màmá mi ni. A kì í palẹ̀ mọ́ kí aago méje tó lù.” Wákàtí tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń pín.

A gba ìwé mìíràn, a sì kọ́kọ́ kọ ibi tí ara rẹ̀ ń wà gan-an ní ọjọ́ méje. Ohun tó ṣẹ́ kù la gé sí ìṣẹ́jú márùn-dín-láàádọ́ta. Láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, ẹyọ kan wà ní ìdájí kó tó lọ síléèwé, méjì sì wà lálẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín wọn. Ìyẹn jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́rin wà ní Àbámẹ́ta, méjì ní Àìkú. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlélógún. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì nítorí pé ó kéré sí èyí tó kọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí wà ní tòótọ́.

Oko kì í jẹ́ ti bàbá àtọmọ kó má ní ààlà. Kí a tó fa ààlà yìí, mo ní kó ṣe ìbéèrè ọdún kan tó ti kọjá nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan láì ṣí ìwé, kó sì fi ìdáhùn máàkì ara rẹ̀. Ọmọ kì í mọ ibi tó ti kù fún un nípa rírò lásán. Ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ràn ló máa ń rò pé òun mọ̀. Ìṣirò, Fíṣíìsì àti Kẹ́mísírì kò dé ìdajì máàkì. Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì àti Jọ́gíráfì lé díẹ̀ sí ìdajì. Yorùbá, Sífíìkì àti Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ dára. A wá pín in báyìí: mẹ́ta-mẹ́ta fún àwọn tí kò dára, méjì-méjì fún àwọn tó wà láàárín, ẹyọ kan-kan fún àwọn tó dára. Ó jẹ́ méjìdínlógún.

Síbẹ̀, mo yí ohun kan padà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́, kírẹ́díìtì tí wọn yóò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Fíṣíìsì àti Kẹ́mísírì. C6 ni ìsàlẹ̀ kírẹ́díìtì. D7 nínú ọ̀kan nínú márùn-ún yìí lè dá a dúró, bó tilẹ̀ gba A1 nínú Jọ́gíráfì. Mo mú ẹyọ kan lára Jọ́gíráfì, mo fún Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn olùkọ́ kan yóò ní kí ọmọ pín in dọ́gba-dọ́gba. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹyọ mẹ́ta ṣẹ́ kù, a ò sì kọ nǹkan kan sí wọn: méjì tó gbẹ̀yìn ní Àbámẹ́ta, àti ọ̀kan ní alẹ́ Àìkú. Gbèsè ni wọ́n wà fún. Iná á lọ, ibà á dé, àlejò á wọlé. Táìmùtébù tí kò ní àyè fún gbèsè, ọjọ́ tí nǹkan kan bá kọ́kọ́ yẹ̀ ni ọmọ máa jù ú sílẹ̀. Bí ẹ̀kọ́ kan náà bá ń jẹ gbèsè ní ọ̀sẹ̀ méjì tẹ̀léra, kì í ṣe ọ̀lẹ ni ká kọ́kọ́ fura sí. Iṣẹ́ tí a kọ síbẹ̀ ti pọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-dín-láàádọ́ta lọ.

Nínú títò rẹ̀, a ò jẹ́ kí ẹ̀kọ́ kan tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ìṣirò bọ́ sí alẹ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì. Kẹ́mísírì àti Fíṣíìsì bọ́ sí alẹ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, àti àárọ̀ Àbámẹ́ta. Ọjọ́ tó wà láàárín yẹn ni ọmọ fi ń gbàgbé díẹ̀, wíwá ohun tó gbàgbé padà ló sì ń jẹ́ kó dúró sórí. Iṣẹ́ tó gba bíírò la fi sí alẹ́, torí ọwọ́ tó ń kọ nǹkan kì í jẹ́ kí ojú tètè pa dé. Báyọ́lọ́jì àti Sífíìkì, tí ó jẹ́ ti ìrántí, la fi sí ìdájí.

Ohun tí a kọ sínú ojú àpótí kọ̀ọ̀kan ló gbà mí lákòókò jù. Kò gbọdọ̀ kọ “Kẹ́mísírì” lásán, nítorí ọmọ tó bá rí bẹ́ẹ̀ á ṣí ìwé sí ojú ewé tó mọ̀, á máa kà á bí ìtàn. Ó kọ ọ́ pé: “Ṣíṣírò mólù, ìbéèrè méjì, ìwé pípa dé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn, kí n wo ibi tí mo ti ṣì í.” Ọ̀kan nínú mẹ́ta ti Gẹ̀ẹ́sì lọ fún àròkọ, ọ̀kan fún àkàyé àti ìkékúrú, ọ̀kan fún ìró ohùn, nítorí ìwé ìdánwò tirẹ̀ ni ìró ohùn ní, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í sì í rántí rẹ̀ títí dé ìjókòó ìdánwò.

Ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ọjọ́ tí ìdánwò bá bẹ̀rẹ̀, ètò yìí nìkan kò tó mọ́. Táìmùtébù Wáẹ̀kì fúnra rẹ̀ la gbé sójú ògiri, a sì ka ọjọ́ padà sẹ́yìn láti orí ìwé kọ̀ọ̀kan: alẹ́ méjì tó ṣáájú rẹ̀ di tirẹ̀. Níbi tí ìwé méjì ti sún mọ́ra jù, alẹ́ tó kẹ́yìn jẹ́ ti èyí tó kọ́kọ́ dé. Ìkejì ti gba tirẹ̀ ṣáájú, ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tó ṣe ìwé Kẹ́mísírì tó kẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ló fi bíírò fa ìlà la orúkọ náà kọjá, ó sì kọ Fíṣíìsì sí àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.