Ẹ fi àwọ̀ ojú ọ̀run sílẹ̀ ná, ohùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rántí

Ẹni tó bá ń wá orúkọ orin géèmù àtijọ́ kan, ohun tí ojú rẹ̀ rí ló máa ń kọ́kọ́ sọ: "Ojú ọ̀run wà lẹ́yìn, ìkùukùu wà níbẹ̀." Mi ò fẹ́ràn ìbẹ̀rẹ̀ yẹn rárá. Géèmù tó ní ojú ọ̀run àti ìkùukùu pọ̀ bí eṣú. Ohùn lèmi máa ń kọ́kọ́ béèrè, nítorí ohùn ló ń tú àṣírí ẹ̀rọ tí orin náà ti jáde.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, orin kan wà tí kò kúrò lọ́kàn mi láti kékeré. Ẹ̀gún ńláńlá lọ́ mọ́ra wọn káàkiri òfuurufú, orin náà sì ń dún bíi pé inú ẹni tó kọ ọ́ bàjẹ́." Mo ní kó gbé ẹ̀gún jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé ohùn rẹ̀ ń ta létí bí irin ni, àbí ó tutù, tó ń dún padà bíi pé inú gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n ti lù ú? Ó ní ó tutù, ó sì ń dún padà.

Ìdáhùn yẹn ti yọ ẹ̀rọ géèmù púpọ̀ kúrò. NES àtijọ́ kò ní ju ohùn gbẹrẹfu díẹ̀ lọ, tó ń ké bíi fèrè kékeré. Mega Drive máa ń ṣẹ̀dá ohùn tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí orin rẹ̀ fi máa ń ní irin nínú. Ti Super Nintendo yàtọ̀: ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni ó ń lù, mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú gbohùngbohùn wọn sì gbọ́dọ̀ gba inú ìrántí tí kò ju kílóbáìtì 64 lọ. Àyè kò tó, nítorí náà ohùn kúkúrú, tí kò já gaara, ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀. Òun ló ń fa bí orin ibẹ̀ ṣe máa ń dà bí èyí tí èèyàn ń gbọ́ láti inú kùrukùru.

Ìgbà yẹn ni mo tó padà sórí ẹ̀gún, síbẹ̀ mi ò bi í pé kí ló rí. Mo bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ọwọ́ kì í tètè gbàgbé bí ojú. Ó ní àgbá onígi ló ń yìn òun láti ibì kan sí ibòmíì, tó bá sì ṣe díẹ̀, òun a di ayékòótọ́, òun a máa fò.

Ó ti bọ́ sí i. Donkey Kong Country 2 ni, géèmù Super Nintendo tí ilé iṣẹ́ Rare ṣe jáde lọ́dún 1995. Ṣùgbọ́n ìpele méjì ló ti dà pọ̀ lórí rẹ̀. Èyí tí àgbá ti ń yìnni kiri ni Bramble Blast, ní ayé kẹta géèmù náà. Èyí tí a ti ń di ayékòótọ́ ni Bramble Scramble, ní ayé tó tẹ̀ lé e. Orin kan náà ló ń dún nínú méjèèjì, òun ló jẹ́ kí ọpọlọ rẹ̀ so wọ́n pọ̀ di ọ̀kan.

Ibi tó ń bí mi nínú rèé o: orúkọ ìpele kì í ṣe orúkọ orin. Stickerbrush Symphony lorúkọ orin yìí, David Wise ló sì kọ ọ́. Àwọn kan máa ń yọ r kejì kúrò, wọn a kọ Stickerbush. Èyí tó tún wá da ọ̀rọ̀ rú ni pé nígbà tí wọ́n tún orin náà lù sínú géèmù mìíràn, Super Smash Bros. Brawl, lọ́dún 2008, Bramble Blast ni wọ́n pè é níbẹ̀. Ẹni tó bá ń wá a, kó tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo tàn án fún àbúrò mi. Ó mi orí, ojú rẹ̀ tàn. Nígbà tó yá ni ìlù wọlé, ló bá ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe òun. Tèmi ò ní ìlù."

Mo ní, "Báwo lo ṣe máa ń pẹ́ tó kí ẹ̀gún tó pa ẹ́?"

Ẹ̀rín ló fi dáhùn.