Ta ló gbé iṣẹ́ ìwé yìí fún òǹkọ̀wé?

Wọ́n pín ìwé fún wa níbi ayẹyẹ ẹbí kan nílùú Ẹ̀pẹ́ níbí, ìtàn ìgbésí ayé bàbá wọn tó jẹ́ aṣáájú láyé àtijọ́. Kí n tó ka ìtàn rárá, ojú ewé ìdúpẹ́ ni mo kọ́kọ́ ṣí. Òǹkọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹbí tó gbé iṣẹ́ náà fún un, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àrẹ̀mọ tó ka gbogbo rẹ̀, tó tún un ṣe, kó tó dé ilé ìtẹ̀wé. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ẹbí ló ni àṣẹ títẹ ìwé náà. Èyí ti tó fún mi láti mọ irú ìwé tó wà lọ́wọ́ mi.

Mi ò sọ pé irọ́ ló kún inú rẹ̀ o. Ẹbí ló mọ orúkọ àwọn ìyàwó, ẹbí ló mọ oko, ẹbí ló ní fọ́tò àti lẹ́tà. Ohun tó dùn mí ni pé olùkọ́ kan fẹ́ fi ìwé yìí nìkan kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn.

Ẹ jẹ́ kí n fi Kòsọ́kọ́ ṣàlàyé, nítorí òun ni gbogbo Ẹ̀pẹ́ mọ̀. Ó gba ipò ọba Èkó lọ́wọ́ Akíntóyè ní 1845, Akíntóyè sì sá lọ sí Abẹ́òkúta, kó tó bọ́ sí Àgbádárìgì. Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn fún Èkó, wọ́n dá Akíntóyè padà sórí ìtẹ́, Kòsọ́kọ́ sì wá tẹ̀dó sí ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó ń kọ̀wé fún àwọn tó fẹ́ràn Kòsọ́kọ́ yóò ròyìn akọni tó dojú kọ òyìnbó, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé àdéhùn tí òun àti Campbell, kọ́ńsúlù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì l'Ékòó, fọwọ́ sí ní Ẹ̀pẹ́ ní oṣù Kẹsán-án 1854. Lára ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Kòsọ́kọ́ yóò jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Ìwé tó bá sọ ìtàn ogun náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò mẹ́nu ba òwò ẹrú rárá, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ti ní kí wọ́n yọ ọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á ní nígbà tí ìwé ẹbí kò ṣeé gbára lé, kí a kúkú gba ti kọ́ńsúlù. Àwọn tó kọ lẹ́tà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe àwíjàre ìbọn tí ìjọba wọn yìn. Ti wọn náà jẹ́ ìtàn tí ìjọba fọwọ́ sí. Nínú tiwọn, Kòsọ́kọ́ ni oníṣòwò ẹrú, Akíntóyè ni ọ̀rẹ́ òmìnira. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ẹ̀fúnróyè Tinúbú, tó wà lẹ́yìn Akíntóyè gbágbágbá, ṣe òwò ẹrú. Kọ́ńsúlù Campbell kan náà ló lé e kúrò l'Ékòó ní 1856. Òǹkọ̀wé tí kò bá sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni yóò gbé èyí àti àdéhùn Ẹ̀pẹ́ síwájú wa pọ̀, bó tilẹ̀ ba ẹwà ìtàn ìhà méjèèjì jẹ́.

Nílùú wa pàápàá, ẹnu kò kò. Ọmọ àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ wá ni ará Èkó-Ẹ̀pẹ́. Àwọn Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ti wà níbẹ̀ kí ó tó dé. Ìwé tó bá ròyìn dídé rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹnu ìhà kan ṣoṣo ni gbogbo ẹlẹ́rìí rẹ̀ ti wá, mo máa ń fi àmì síbẹ̀. Oríkì àwọn bàbá wa pàápàá kì í fi àbùkù pamọ́ tó báyìí. Akéwì a máa ki èèyàn tán, a sì tún sọ ohun tó ṣe tí kò dáa, lójú ọmọ rẹ̀.

Mo sọ fún olùkọ́ náà pé kó má sọ ìwé yẹn nù. Kó jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí òǹkọ̀wé bá sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì wò ó bóyá ọ̀kan péré nínú wọn ní ìjà pẹ̀lú bàbá yẹn rí. Èmi àtòun ka orúkọ náà pa pọ̀. Mọ́kànlá ni wọ́n, ọmọ àti ọmọ ọmọ ni gbogbo wọn.

Mo wá tọ ẹbí náà lọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé àwọn lẹ́tà tí ìwé náà ń tọ́ka sí, ṣé ẹlòmíràn lè wá kà wọ́n, ẹni tí wọn ò sanwó fún? Bọ̀dá àgbà ní kí n fún àwọn láyè ká tó tún sọ̀rọ̀. Mo ṣì ń retí wọn.